Kí Ẹ Tó Mu Agbo Jẹ̀dí, Ẹ Lọ Yẹ Ọkàn Yín Wò

Bí nǹkan ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ dá láàárín wa: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣúgà ló pọ̀ jù. Ẹ lọ sí gáréèjì ní ìdájí, ẹ ó bá alágbo níbẹ̀ pẹ̀lú báàfù tó kó ìgò sí, èyí pupa, èyí dúdú, èyí tó rí ràkọ̀ràkọ̀. Awakọ̀ kan á dúró níwájú rẹ̀. Kò ní sọ ohun tó ń ṣe é, á kàn ní kó bu ti ọkùnrin fún òun. Obìnrin náà ò ní bi í ní ìbéèrè kankan. Á po jẹ̀dí mọ́ ale, á bù ú sínú kọ́ọ̀pù kékeré, á ní, “Bọ̀dá mi, ẹ dín ṣúgà kù o. Ẹ tún yà lọ́la.” Awakọ̀ á gbé e mì, á nu ẹnu, á bọ́ sídìí ọkọ̀. (Ògógóró ni wọ́n fi rẹ púpọ̀ nínú àwọn agbo wọ̀nyẹn, èrò méjìdínlógún sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Kò sí ẹni tó wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ṣe ni bàbá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ tó sì kú lójijì nígbà tí kò tíì darúgbó.

N kò fẹ́ fi alágbo ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kù díẹ̀ kó jàre nípa ọ̀rọ̀ ṣúgà, torí pé ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ ọkùnrin di aláìlágbára lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ìdí ni wọ́n ń wá àrùn náà sí, inú òpó ẹ̀jẹ̀ ló sì fi ṣe ilé.

Ohun tí àwọn dókítà ọkàn ti ń tẹnu mọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn nìyí. Fún ọkùnrin tó ti wọ ọmọ ogójì ọdún, nǹkan ọmọkùnrin tí kò le dáadáa mọ́ lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé àrùn ti wọ àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ọkàn. Àmì náà sì sábà máa ń fi ọdún méjì sí márùn-ún ṣáájú kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni náà. Ọdún méjì sí márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, torí pé ìdí agbo ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń lò ó tán sí.

Ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ya wọ inú nǹkan ọmọkùnrin kó tó lè le. Kò sí egungun níbẹ̀. Ẹran tó ní ihò wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ara bá ti gbọ́ ìpè, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní náítíríìkì ọ́sáìdì. Èròjà yìí ló ń mú kí ògiri òpó náà dẹ̀, kó sì fẹ̀. Bó bá ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, ihò wẹ́wẹ́ á kún, kíkún wọn á sì tẹ àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde pa. Bó ṣe ń le nìyẹn, ohun tó sì ń mú un dúró nìyẹn. Bí òpó náà bá kọ̀ tí kò fẹ̀, kò sí bí ọkàn ẹni ṣe lè fẹ́ obìnrin tó, iṣẹ́ ò ní yá.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí kan náà ló tẹ́ inú gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, títí dé èyí tó ń bọ́ ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbá a, ṣúgà ń jẹ ẹ́, èéfín sìgá ń bà á jẹ́, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sì ń rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń kó jọ síbẹ̀. Àrùn yìí kì í yan ibì kan mú kó fi ibòmíràn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí nǹkan ọmọkùnrin kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Ti ọkàn tó mìlímítà 3 sí 4, èyí tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ sì tó 5 sí 7. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí páìpù omi rẹ̀ ti dógùn-ún mọ̀ pé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ilé ìwẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe kántankàntan, tí èyí tó nípọn lẹ́yìn ilé ṣì ń tú omi jáde. Àmọ́ ti òpó ẹ̀jẹ̀ tún le ju ti páìpù lọ. Páìpù kì í fẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Òpó tó lọ sí nǹkan ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ kíákíá. Nítorí náà, wàhálà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀rá tó dí ohunkóhun rárá, nígbà tó ṣì jẹ́ pé awọ inú rẹ̀ nìkan ló ń ṣàìsàn.

Ọkàn ní tirẹ̀ kì í tètè ké. Òpó rẹ̀ kan lè dí dé ìdajì láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ nǹkan kan. Ó sábà máa ń tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí àyà tó máa fún ènìyàn nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tó ń gbé ẹrù. Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ náà lè bẹ́ lójijì nígbà tí kò tíì dí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dì lé ibi tó bẹ́, òpó á dí pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹran ọkàn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ara rẹ̀ le ṣe ń ṣubú lójú agbo nìyẹn, tí àwọn ará ilé á sì máa wá ẹni tó ṣe é.

Ní ìlú Mìláànù lórílẹ̀-èdè Ítálì, Francesco Montorsi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ọkùnrin 300 ní ìbéèrè tí àwọn dókítà ọkàn kì í sábà béèrè. Àyà dídùn ló gbé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé òpó ọkàn wọn ti dí. Wọ́n bi wọ́n bóyá nǹkan ọmọkùnrin wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú àwọn wọ̀nyí, bí ẹni mẹ́ta bá wà, méjì ló sọ pé ọ̀ràn ti yàrá ló ṣáájú ti àyà, ó sì fi nǹkan bí oṣù 39 ṣáájú rẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde ní 2003. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta: ẹni tó bá lò ó dáadáa lè yí ọ̀nà àrùn padà.

Lẹ́yìn náà, ní 2009, ìwádìí mìíràn jáde láti ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé ọkùnrin 1,402 tí kò ní àrùn òpó ọkàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Láàárín àwọn tó wà ní ogójì sí mọ́kàndínláàádọ́ta ọdún, àrùn òpó ọkàn yọ lára àwọn tí nǹkan ọmọkùnrin wọn kò ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po bí àádọ́ta ju ti àwọn yòókù lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi àádọ́ta yẹn búra, torí pé àwọn tí ara wọn kò dá nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yẹn kò pọ̀. Ohun tó yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé lára àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Bàbá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ọjọ́ orí lè wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì tí ara rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ẹ má fi ọjọ́ orí tàn án jẹ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ti òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mutí yó tàbí tó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí nǹkan ò sì lọ bó ṣe fẹ́, kò ṣàìsàn. Bó bá jẹ́ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ tàbí tí ìjà wọ ilé, tí nǹkan sì ṣì máa ń le ní ìdájí kó tó jí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìrònú ló ń dà á láàmú. Èyí tó yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù ni èyí tó yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́ ó ń le ṣùgbọ́n kì í dúró, lẹ́yìn náà kì í le tó, nígbà tó yá ti ìdájí náà ò wá mọ́. Bí èyí bá ti tó oṣù mẹ́ta, kó wá ẹni tó máa wò ó. Àwọn oògùn kan náà wà tó lè fà á, pàápàá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ léraléra. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, torí pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú á tún bọ́ sídìí òpó kan náà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú ẹni tí àwọn dókítà ń rí ni mo kó jọ sójú kan. Ọmọ ọdún 46 ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn sí Èkó, ó ń fa sìgá bíi mẹ́jọ lójúmọ́, ìrìn rẹ̀ kò sì ju láti ẹnu ọkọ̀ dé ìdí olóúnjẹ lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbà pé ó ní obìnrin níta. Ó dé ilé ìwòsàn, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Dókítà tẹ ẹ̀yìn wò, ó kọ oògùn fún un. Ọkùnrin náà dìde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó wá yíjú padà: “Dókítà, ó tún ku nǹkan kékeré kan o.” Àwọn dókítà mọ gbólóhùn yẹn. Èyí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní, “Ẹ padà wá jókòó, sà.”

Ó bi í bóyá àyà ń fún un tàbí èémí ń kù ú bó bá gun àtẹ̀gùn. Ó ní rárá. Ó bi í nípa bàbá rẹ̀. Ó ní rọpárọsẹ̀ ló pa á ní ọmọ ọdún 54. Wọ́n wọn ìbàdí rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 106, bẹ́ẹ̀ bó bá ti kọjá 94, ọ̀rá inú ikùn ti ń pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru dé 158 lórí 98. Wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n tún un wò, wọ́n sì tún un wò lọ́sẹ̀ kejì, kò wálẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun. Ṣúgà jẹ́ 139, wọ́n sì tún un ṣe kó dájú, torí pé láti 126 sókè ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 165. Kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èròjà akọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pé. Ọkùnrin tó rò pé ara òun le yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní àtọ̀gbẹ, ọ̀rá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni kan ṣoṣo tó ti ń pariwo fún un láti oṣù mẹ́jọ ni nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀.

Wọ́n wá lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí ìwé. Ó jáde dáadáa. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúpẹ́ tí wọ́n sì ń gba ilé lọ. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé orí ibùsùn ni wọ́n ti ya ìwé náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ ọkàn níṣẹ́. Bí òpó ọkàn bá ti dín kù, ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún ọkàn ló máa hàn. Nítorí pé nǹkan tó kó jọ sí i lára pọ̀, dókítà ní kó lọ gun ẹ̀rọ ìrìn, níbi tí wọ́n ti ń mú un yára, tí wọ́n sì ń gbé e ga sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú wáyà láyà. Ní ìṣẹ́jú keje, ìlà orí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹran ọkàn tó. Àyà kò dùn ún rárá. Àyẹ̀wò yìí náà lè ṣi ni lọ́nà, ó lè pariwo níbi tí kò sí nǹkan, ó sì lè dákẹ́ níbi tí nǹkan wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tún ní kí ènìyàn lọ ya àwòrán òpó ọkàn náà gan-an. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá, kò sí ọkùnrin tó ní ìṣòro yìí tí kò yẹ kó wò ó, ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn jù sì lè ṣe é.

Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í da ọkùnrin láàmú, oògùn àtọ̀gbẹ, àti oògùn tó ń dín ọ̀rá kù. Wọ́n ní kó fi sìgá sílẹ̀, kó sì máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìrìn tó máa jẹ́ kó mí gúlegúle. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 128 lórí 80. Nǹkan ọmọkùnrin ń ṣe dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí kò tilẹ̀ rí bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Irú èrè tó ṣeé retí nìyẹn. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò hàn sí i, òun náà ni pé kò tíì ní ìkọlù ọkàn.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn fún un ní Fáyágírà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìtàn oògùn yẹn fúnra rẹ̀ dùn. Àyà dídùn ni ilé iṣẹ́ Pfizer ń wá oògùn sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àyà lóore, àmọ́ àwọn ọkùnrin tó lò ó ròyìn ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìyẹn ló sì gbé e dé ọjà ní 1998. Ó ń ṣiṣẹ́ nípa dídi agbára náítíríìkì ọ́sáìdì mú kó má tètè pòórá. Oògùn dáadáa ni lọ́wọ́ ẹni tí dókítà ti yẹ̀ wò. Lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní kẹ́míìsì lábẹ́ aṣọ, ewu méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ń pa ẹnu àmì náà mọ́ nígbà tí àrùn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì, bí onítọ̀hún bá ń lo oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá ń fún ni, àwọn méjèèjì á jọ fa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ walẹ̀ débi tó lè kú. Láàárín wákàtí 24 tí ènìyàn bá lo Fáyágírà, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oògùn abẹ́ ahọ́n náà; bó bá jẹ́ tàdáláfíìlì, wákàtí 48. Ẹni tí àyà bá dì lójijì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tó lò fún dókítà, ìbáà jẹ́ pé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ àpò oògùn alágbára ọkùnrin tí wọ́n kọ “ewé àti egbò nìkan” sí lára ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà sì ti yẹ̀ wò, tí wọ́n bá oògùn Fáyágírà tí wọ́n pò mọ́ ọn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń mu ún ò tilẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó jẹ́wọ́.

Àwọn dókítà tó ṣe ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Princeton ní 2010 gbà pé ọkùnrin tó bá ní ìṣòro yìí, tí àyà rẹ̀ kò sì dùn ún rí, ẹni tí àrùn ọkàn ń wá ni kí a kà á sí títí àyẹ̀wò á fi sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò QRISK3 tí àwọn dókítà fi ń wo ewu ọkàn ti ní ìbéèrè yìí nínú láti 2017. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ẹ́ńgíláńdì tí wọ́n wà láàárín ọdún 40 sí 74 sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, bí wọn ò bá tíì ní àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí lẹ́tà yẹn wà lórí fíríìjì yín, ẹ dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má tètè pe ọ̀rọ̀ yìí ní àlè níta. Ẹ bá ọkọ yín dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọkùnrin, bí dókítà tí ẹ bá níbẹ̀ bá jẹ́ ọmọbìnrin tó tó ọmọ yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì ti gbọ́ ju tiyín lọ. Kí ẹ tó jókòó dáadáa ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ má dúró de ẹnu ọ̀nà: “Dókítà, nǹkan ọmọkùnrin mi ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, ó ti tó oṣù báyìí. Ẹ bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá, kí ẹ sì yẹ ọkàn mi wò.”